Kórópọ̀n Ọmọkùnrin Tó Lọ́ Lójijì: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Kí Wákàtí 6 Tó Pé

Bí ọmọkùnrin tó ti ń bàlágà bá ta jí lóru pẹ̀lú ìrora gbígbóná ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹpọ̀n rẹ̀, oògùn kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ẹ wo aago. Ẹ kọ àkókò tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé tàbí sínú fóònù, torí pé orí àkókò yẹn ni dókítà máa gbé gbogbo ìpinnu rẹ̀ lé. Àìsàn tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí ni kórópọ̀n tó lọ́. Kò sí agbo tó lè tú u, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè tú u. Iṣẹ́ abẹ ló ń tú u, wákàtí díẹ̀ ló sì wà fún un.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ẹpọ̀n

Okùn kan ló gbé kórópọ̀n kọ̀ọ̀kan rọ̀ sínú àpò. Inú okùn yìí ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé wà, òun àti iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde, àti ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà kọjá. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ẹ̀yìn kórópọ̀n lẹ̀ mọ́ ara àpò, kò sì rọrùn fún un láti yí. Àwọn kan wà tí a bí tí tiwọn kò lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Ńṣe ló ń fì bí ọmọ inú agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ara kì í dun ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé bí tòun ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ tí okùn náà bá lọ́.

Ó lè bá ọkùnrin ní ọjọ́ orí èyíkéyìí, títí kan ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 12 sí 18 ló ti wọ́pọ̀ jù. Ìgbà yẹn ni kórópọ̀n ń yára tóbi, tó ń wúwo sí i. Ẹran ara kan sì wà lára okùn náà tó máa ń fa kórópọ̀n sókè bí òtútù bá mú èèyàn tàbí bí ẹ̀rù bá bà á. Bí ó bá fà á lójijì, kórópọ̀n tó ń fì lè yí po. Ó lè ṣẹlẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ojú oorun ló ti ń ṣẹlẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbá ọmọ náà nípàá.

Ẹ fi ojú inú wo bí a ṣe ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí okùn kórópọ̀n ṣe ń rí nìyẹn nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde rọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ dí. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé le díẹ̀, ó ṣì ń tì í wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, kórópọ̀n ń wú, ó ń le bí òkúta, títí tí ìwúwú náà fi máa dí ọ̀nà àbáwọlé pẹ̀lú. Láti ìgbà yẹn ni ẹran kórópọ̀n ti ń kú díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n bá tú okùn náà kí wákàtí 6 tó pé, nǹkan bíi kórópọ̀n 9 nínú 10 ló máa ń yè. Tó bá di wákàtí 12, ìdajì ni ìrètí kù. Tó bá ti kọjá wákàtí 24, kì í sábà tó 1 nínú 10. Bí okùn náà ṣe le tó nígbà tó lọ́ tún ń yí ìṣirò yìí padà: èyí tó lọ́ díẹ̀ lè fara dà á pẹ́ sí i, èyí tó yí lẹ́ẹ̀mejì lè má tó wákàtí 6 rárá. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fiyè sí níbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ń dé ẹnu ọ̀nà ọpitáàlì kọ́ ni wákàtí yìí ń parí. Ìgbà tí oníṣẹ́ abẹ bá tú okùn náà ló ń parí. Bí ẹ bá dé ní wákàtí karùn-ún, wọn ò tíì gbé e wọlé iṣẹ́ abẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì wò ó

Ìtìjú ló ń jẹ wákàtí jù. Ọmọ ọdún 14 kò ní fẹ́ dárúkọ ẹpọ̀n níwájú ìyá rẹ̀. Ìrora náà sì máa ń gòkè wá sí ìsàlẹ̀ ikùn lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń bì. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe sábà máa ń lọ:

“Níbo ló ń dùn ẹ́?”

“Inú ni, Màmá.”

“Ṣé o ti ya ìgbẹ́?”

“Rárá.”

Wọ́n á fún un ní oògùn pálù, wọ́n á ní kó lọ sùn. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnìkan bi í ṣókí ni: “Ṣé ẹpọ̀n rẹ náà ń dùn ẹ́?” Bí ìyá bá rí i pé kò lè dá òun lóhùn, kó pe bàbá, tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, tàbí ará ilé mìíràn tí ọmọ náà fọkàn tán. Ìlànà tó dára ni pé ọmọkùnrin èyíkéyìí tí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn tó sì ń bì, kí ẹ wo ẹpọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé inú ni.

Ẹ tan iná dáadáa. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ti wú, bóyá ó ti pọ́n. Ẹ wò ó bóyá kórópọ̀n tó ń dùn ún ga ju èkejì lọ, bí ẹni pé wọ́n fà á sókè, tàbí bóyá ó dùbúlẹ̀ ní ìbú dípò kó rọ̀ sísàlẹ̀. Okùn tó lọ́ ti kúrú, ìdí tó fi ń gòkè nìyẹn. Nígbà tí ìrora ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, awọ ẹpọ̀n lè rí bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀, ìwúwú kò tíì hàn. Ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú. Ìrora tó dé lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan tó láti mú ọmọ náà jáde nílé.

Àmì kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera kékeré lè wò láìsí ẹ̀rọ kankan. Kí wọ́n fi ọmọ ìka ra inú itan ọmọ náà lọ sókè díẹ̀, nítòsí ìdí. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, kórópọ̀n ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ máa fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ tí kò dùn ún, kí wọ́n rí bí tirẹ̀ ṣe máa ń fò, kí wọ́n tó ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn kò bá mira rárá, ìfura náà ti lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá mira, kò túmọ̀ sí pé okùn kò lọ́. Àmì yìí lè sọ pé kí ẹ sáré, kò lè sọ pé kí ẹ jókòó.

Òótọ́ ni pé àìsàn mìíràn lè fara jọ ọ́. Àtọ̀sí àti àkóràn tó ń ti inú ìtọ̀ wá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, pẹ̀lú ibà tàbí ìtọ̀ tó ń ta èèyàn. Ìpá tó há náà máa ń dé lójijì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kíákíá lòun náà ń fẹ́. Ẹ kò lè fi ojú ya wọ́n sọ́tọ̀ nílé, dókítà gan-an máa ń ṣì í. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú un bí èyí tó lọ́ títí tí ẹ̀rí mìíràn á fi yọjú. Bí wọ́n bá là á tí wọn kò bá okùn tó lọ́, àpá kékeré kan ni ọmọ náà gbà. Bí wọ́n bá dúró tó sì jẹ́ pé ó lọ́, kórópọ̀n ló máa lọ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn wá. Nígbà mìíràn, ẹ̀sùn ni ọmọ náà ń kọ́kọ́ gbọ́: obìnrin wo lo bá lò, ta ló fi mágùn sí ọ lára? Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn máa pa ẹnu mọ́, ìrora rẹ̀ kò ní pa ẹnu mọ́. Kórópọ̀n tó lọ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú obìnrin kankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má fún un ní ẹ̀kọ tàbí agbo. Wọ́n máa fún un ní oògùn akunilóorun, bí oúnjẹ bá sì wà nínú ikùn, ó lè bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá sùn. Ẹ rántí ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, wọ́n máa béèrè.

Ẹ má fi òrí wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Fífọwọ́ wọ́ ọ kò ní tú okùn náà. Ohun tó máa fi kún un ni ìwúwú àti ìrora. Ẹ má gbìyànjú láti yí i padà fúnra yín. Àwọn dókítà máa ń fi ọwọ́ yí i nígbà mìíràn, bí ẹni ń ṣí ìwé, láti àárín lọ sí ìhà itan, láti fi ra àkókò. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 1 nínú 3 ló lọ́ sí òdìkejì, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á túbọ̀ lọ́ ọ ni. Kódà bí dókítà bá yí i tó sì rọ̀ wọ́ọ̀, iṣẹ́ abẹ ṣì wà níwájú.

Oògùn agbógunti kòkòrò ló ń ba nǹkan jẹ́ jù ní ìpele yìí. Kì í ṣe pé ó burú lára. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí gbogbo ilé gbà pé ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó lò ó fún ọjọ́ 3, ká wò ó.” Ní ọjọ́ kẹta, ìrora lè ti lọ lóòótọ́. Kórópọ̀n tó ti kú kì í dunni mọ́.

Bí ìrora bá sì dédé pòórá lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣì gbé e lọ. Okùn náà lè ti tú ara rẹ̀, àmọ́ ohun tó jẹ́ kó lọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó lè lọ́ padà. Bí ọmọ bá sọ pé irú ìrora yìí ti wá rí, tó sì lọ fúnra rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ìròyìn ńlá ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí ẹ ó gbé e lọ

Ilé ìwòsàn tí yàrá iṣẹ́ abẹ wà, tí oníṣẹ́ abẹ sì wà níbẹ̀ lóru yẹn, ni kí ẹ gbé e lọ tààrà. Ibùdó ìlera kékeré kò lè ṣe é. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, kí ó jẹ́ nítorí ọkọ̀ àti ìwé ìfiránṣẹ́ nìkan, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin, ilé ìwòsàn ńlá ti ẹ̀ka Wémè àti Pilató wà láàárín ìlú. Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọpitáàlì agbègbè tirẹ̀. Ará Kétu ni ọ̀nà ń jìn fún, torí Pobẹ̀ ni ọpitáàlì agbègbè wọn wà, ní ojú ọ̀nà tó gba Onígbólò kọjá.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pè. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé oníṣẹ́ abẹ wà lórí iṣẹ́ báyìí, ṣé ẹni tó ń fún èèyàn ní oògùn akunilóorun wà? Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì kò bá sí, ẹ bi wọ́n ibi tó wà, kí ẹ kọrí síbẹ̀ láti ilé, dípò kí ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó máa fi yín ránṣẹ́ síwájú. Nọ́ńbà fóònù ọpitáàlì agbègbè yín, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́ kí ọjọ́ tó burú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn kan ṣàpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ ọdún 14 kan, tó ń lọ sí kọ́lẹ́jì ní Kétu, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ta jí ní aago 1 ààbọ̀ òru. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní inú ń run òun. Ní aago 2, ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà pe ọkọ rẹ̀, ọkọ wò ó, ó rí i pé kórópọ̀n òsì ti gòkè, ó sì le. Ó pe ọpitáàlì, ó wá ọkọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọ́n kúrò ní aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 40, wọ́n dé Pobẹ̀ ní nǹkan bí aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 40. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó pe àwọn ti yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé e wọlé ní aago 5 kù ìṣẹ́jú 10, okùn náà sì ti tú nígbà tó di aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 20. Wákàtí 4 ó dín ìṣẹ́jú 10 ni gbogbo rẹ̀. Kórópọ̀n náà ní ìrètí tó dára.

Ọmọ kan náà, òru kan náà, ká ní wọ́n fún un ní oògùn pálù. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń sunkún, wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ìlera ní aago 8. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti oògùn agbógunti kòkòrò, wọ́n ní kó lọ ya ẹkográfì. Ó rí i yà ní aago 2 ọ̀sán, ìwé àbájáde kà pé ẹ̀jẹ̀ kò dé kórópọ̀n òsì. Wọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 15 ààbọ̀ ti kọjá. Kò sẹ́ni tó hùwà ibi níbẹ̀, kódà gbogbo wọn ń sáré. Àmọ́ wákàtí 6 ààbọ̀ ti lọ nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Bí ọkọ̀ kò bá sí, sẹ́míjàn náà lè gbé e: ọmọ náà jókòó sáàárín, àgbàlagbà kan lẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú. Ó máa dùn ún lórí òpópónà tí kò dára, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ máa dúró de ilẹ̀ mọ́. Kí òbí tàbí alágbàtọ́ tó lè fọwọ́ sí ìwé bá a lọ, torí ọmọdé kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kí owó tó bá wà nílé wà lápò. Ìyókù, kí àwọn ẹbí máa wá a kiri nígbà tí ọmọ ti wà lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ẹ ó sọ lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ má sọ pé “ara rẹ̀ kò yá”. Wọ́n á ní kó jókòó de ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Ọmọ ọdún 14 ni. Kórópọ̀n òsì ń dùn ún lójijì láti aago 1 ààbọ̀. Ó ti bì. Tọọsíọ́n ni a ń fura sí. Aago 8 alẹ́ ló jẹun kẹ́yìn.” Ọ̀rọ̀ tọọsíọ́n yẹn ni àwọn oníṣègùn tó kàwé ní Faransé ń lò, ó máa ta wọ́n létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ibùdó kékeré bá ń kọ ìwé ìfiránṣẹ́, ohun kan náà ni kó kọ, kí ó fi oògùn tí ọmọ náà ti gbà kún un.

Ẹkográfì tó ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn wúlò, bí ó bá wà nínú ilé ìwòsàn náà gan-an tí kò sì ní dá nǹkan dúró. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa lọ yà á níbòmíràn tàbí kí ẹ dúró di òwúrọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè là á láìsí ẹkográfì?” Bí àmì bá ti ṣe kedere, iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ni àyẹ̀wò. Wọ́n lè fún un ní oògùn ìrora lójú ẹsẹ̀, kò ní bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, àti lẹ́yìn rẹ̀

Wọ́n á là àpò ẹpọ̀n díẹ̀, wọ́n á mú kórópọ̀n jáde, wọ́n á tú okùn náà. Ó sábà máa ń dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó dì nígbà tó bá jáde. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí àwọ̀ pupa bá ń padà bọ̀, ó yè nìyẹn. Wọ́n á fi òwú tí kì í yọ́ gán an mọ́ ara àpò kó má lè yí mọ́. Wọ́n á tún ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Òbí máa ń béèrè ìdí tí wọ́n fi fọwọ́ kan èyí tí kò dùn ún. Ìdí ni pé bí ọ̀kan bá ń fì bí ọmọ agogo, èkejì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan ti lọ, a kò gbọ́dọ̀ fi èkejì ta tẹ́tẹ́.

Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà, wọ́n á yọ ọ́. Wọ́n máa bi yín nípa èyí ṣáájú, ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí máa sọ ọ́. Ẹ má fi ìpàdé ẹbí dá a dúró. Fún ọmọ tí ọ̀kan kù lára rẹ̀, tí èkejì sì dá pé, ohùn á kẹ̀, irùngbọ̀n á hù, ó sì sábà máa ń lè bímọ. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún, lójúkojú, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn, kò sì ní béèrè.

Ọ̀pọ̀ ń padà sílé lọ́jọ́ kejì. Kí ó wọ pátá tó dì dáadáa, kí ó fi bọ́ọ̀lù, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù wúwo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí dókítà bá ṣe sọ. Bí ibà bá dé, tí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, tàbí tí ìwúwú bá ń pọ̀ dípò kó máa lọ, ẹ dá a padà. Nígbà tí ẹ bá padà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, dókítà á wò ó bóyá kórópọ̀n tí wọ́n tú náà ń súnkì, torí èyí tó pẹ́ kí wọ́n tó tú lè yè lójú iṣẹ́ abẹ, kó sì kéré sí i lẹ́yìn náà.

Fún ẹni tó bá ń ka èyí nígbà tí wákàtí 10 tàbí 20 ti kọjá: ẹ ṣì gbé ọmọ náà lọ báyìí. Okùn tó lọ́ díẹ̀ lè ṣì ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń dúró de ẹni tó máa gán an.